Bí A Ṣe Ń Kọ Ímeèlì Tó Ń Mú Ẹni Méjì Mọ Ara Wọn: Ohun Tí A Rí Kọ́ ní Fọlá Àgòrò



Ẹni tó bá mọ Fọlá Àgòrò, ní agbègbè tí Ṣómólú àti Bàrígà ti súnmọ́ra, tí kò sì jìnnà sí Àkọkà tí Yunifásítì Èkó wà, á mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gbilẹ̀ ní apá ibẹ̀. Ṣómólú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó ń gbé iṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ: kálẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ìwé àdúà. Bí ilé-kéwú kan bá fẹ́ tẹ ìwé fún àwọn ọmọ, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dárí ẹni tó bá béèrè sí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a mọ ẹni méjì tí iṣẹ́ wọn bára mu, ṣùgbọ́n tí àwọn fúnra wọn kò tíì mọ ara wọn. Èkíní jẹ́ bàbá atẹ̀wé kan ní Fọlá Àgòrò, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Èkejì jẹ́ olùkọ́ ilé-kéwú kan ní Ìkòròdú, ìyá ọlọ́mọ, tó mọ bí a ṣe ń tẹ Lárúbáwá sórí kọ̀ǹpútà, tó sì máa ń to ojú-ewé ìwé fún àwọn alfa. A kò ní dárúkọ wọn. A ó máa pe bàbá ní Alhaji, a ó sì máa pe olùkọ́ ní Muálímà.

A jókòó lọ́jọ́ kan, a kọ ímeèlì kan ṣoṣo sí àwọn méjèèjì. Ohun tí a kọ kò ju báyìí lọ: “Alhaji, Muálímà tí mo máa ń sọ nìyí. Muálímà, Alhaji nìyí. Ènìyàn dáadáa ni ẹ̀yin méjèèjì, ó yẹ kí ẹ mọ ara yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bára yín sọ̀rọ̀.” A fi ránṣẹ́, a sì rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí ẹni tó bá ẹnìkejì sọ ohunkóhun. Nígbà tí a wádìí, Alhaji ní òun rò pé ìyàwó ẹbí wa kan tó ń wá iṣẹ́ ni, àti pé kò sí àyè iṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Muálímà ní òun rò pé bàbá fẹ́ bá òun tẹ ìwé alífábẹ́ẹ̀tì tí òun ń kọ fún àwọn ọmọ, pé bóyá ó fẹ́ ṣe é ní sàárà, nítorí náà òun ń retí kí àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Alhaji náà ń retí kí ẹni tó nílò nǹkan kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Láàárín àkókò yìí, wolimọ́ ilé-kéwú Muálímà dé. Ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, tí ojú rẹ̀ ti ṣá, ni àwọn ọmọ gbé lọ́wọ́ dípò ìwé tuntun tí wọ́n ti ń retí.

Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe tiwọn. Ẹ̀ẹ̀kejì tí a kọ ọ́, ó yọrí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ímeèlì kìíní àti ìkejì ni a fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Ohun tó sọ ímeèlì báyìí di ìṣòro

Bí a bá ń mú ẹni méjì mọ ara wọn lójúkojú, ojú wa ń rí ojú wọn. Bí Alhaji bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, a ó rí i lójú rẹ̀, a ó sì tún un sọ kíákíá. Nínú ímeèlì, kò sí ẹni tó ń wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni méjì ń ka ọ̀rọ̀ kan náà ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì wà lọ́kàn ẹnì kọ̀ọ̀kan: kí ni tèmi nínú rẹ̀? Bí a kò bá dáhùn ìbéèrè yẹn, kálukú á fi èrò ara rẹ̀ dí àlàfo náà. Alhaji fi “ó ń wá iṣẹ́” dí i, Muálímà fi “ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́” dí i.

Ìyìn kò lè dí àlàfo yìí. “Ènìyàn dáadáa ni” kò sọ ohun tí ẹni náà lè ṣe fún ẹnìkejì. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń dán irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wò: ẹ yọ orúkọ ẹni méjèèjì kúrò nínú ímeèlì náà, kí ẹ fi orúkọ télọ̀ àti agbẹjọ́rò sí i. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì bá wọn mu, a jẹ́ pé kò tíì sí ìdí kankan nínú rẹ̀. Télọ̀ àti agbẹjọ́rò lè gba ímeèlì wa àkọ́kọ́ láìyí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀

Àṣìṣe wa kejì ni pé a kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí a tó kọ ọ́. Bí a bá ti kọ orúkọ ẹni méjì sí ímeèlì kan, ojúlé ímeèlì wọn ti hàn síra wọn, kò sì ṣeé gbà padà. Bí ọ̀kan kò bá fẹ́, ó di dandan kó yan ọ̀kan nínú méjì: kó dákẹ́ bí aláìmọ̀wàáhù, tàbí kó wá ọ̀nà láti kọ̀ níṣojú ẹni tí kò mọ̀ rí. Kò dára kí a fi ènìyàn sí irú ipò bẹ́ẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, a pe Alhaji lórí fóònù, a sì fi Wásáàpù ránṣẹ́ sí Muálímà. Nǹkan mẹ́ta ni a béèrè. Èkíní: kí ló ń dá iṣẹ́ yín dúró tí irú ẹni báyìí lè yanjú? Èkejì: ṣé ẹ fẹ́ kí a so yín pọ̀ nísinsìnyí, tàbí kí ó di ìgbà mìíràn? Ẹ̀kẹta: kí ni a lè sọ nípa yín, kí sì ni ẹ kò fẹ́ kí a sọ?

Ìbéèrè ẹ̀kẹta yìí ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Muálímà ní kí a má fi nọ́ńbà fóònù òun sí i, ímeèlì nìkan ni kí wọ́n kọ́kọ́ máa lò. Ó tún ní bí ìpàdé bá wáyé, ọkọ òun á fẹ́ bá òun lọ. A kò kọ èyí sínú ímeèlì, ṣùgbọ́n a fi í sọ́kàn nígbà tí a ń dábàá ibi ìpàdé. Alhaji ní kí a má sọ pé òun ń tẹ ìwé ní owó pọ́ọ́kú, nítorí pé owó bébà kì í dúró sójú kan.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. A kò ní sọ fún ẹnìkejì pé “ó ní òun kò fẹ́ ọ.” “Kò rọrùn fún un lásìkò yìí” ti tó. Nítorí èyí ni ó fi dára kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí jù, tàbí tó dàgbà jù, kí a tó béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì. Bó bá kọ̀, ẹnìkejì kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kankan wáyé, ọkàn rẹ̀ kò sì ní bàjẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ àwọn méjèèjì ti pàdé

Ìgbà tí a béèrè ni a tó mọ ìdí gan-an tó fi yẹ kí àwọn méjèèjì pàdé. Ṣáájú ìgbà náà, ohun tí a mọ̀ ni pé ọ̀kan ń tẹ̀wé, ọ̀kan sì ń kọ Lárúbáwá. Èyí kò tó.

Alhaji ṣàlàyé pé àwọn alfa máa ń gbé ìwé Lárúbáwá wá sọ́dọ̀ òun nínú Microsoft Word. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á kó ọ̀rọ̀ náà sínú CorelDRAW kí wọ́n lè to ojú-ewé. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹni tó ti jókòó ní ilé-kéwú ti mọ̀, lẹ́tà Lárúbáwá máa ń fọwọ́ kọ́ra, ìrísí lẹ́tà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sì yàtọ̀ sí ìrísí rẹ̀ ní àárín tàbí ní ìparí. Bí kọ̀ǹpútà tí a kó o sí kò bá mọ òfin yìí, tàbí tí irú lẹ́tà tí alfa lò kò bá sí nínú rẹ̀, àwọn lẹ́tà á tú, kálukú á dá dúró, wọ́n sì lè tò láti òsì sí ọ̀tún. Àwọn àmì tó wà lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́tà náà á ṣí kúrò ní ipò wọn. Kò sí ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà wọn kì í mọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Lẹ́yìn tí èyí ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ Lárúbáwá padà.

Ìṣòro ti Muálímà yàtọ̀. Òun mọ bí a ṣe ń ṣe fáìlì PDF tí irú lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀, tí kò ní tú níbikíbi tí wọ́n bá ti ṣí i láti kà. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé e fún oníbàárà, oníbàárà á gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé tó bá wù ú. Ìwé Lárúbáwá ń ṣí láti apá ọ̀tún, a jẹ́ pé apá ọ̀tún ni ẹ̀yìn ìwé gbọ́dọ̀ wà nígbà tí èèpo iwájú bá kọjú sí wa. Atẹ̀wé tí kò mọ̀ á dì í sí apá òsì bí ó ṣe ń di ìwé Yorùbá. Ojú-ewé kìíní á bọ́ sí ibi tó yẹ kí ojú-ewé ìkẹyìn wà. Muálímà ni oníbàárà á sì dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló dì í.

Ibi tí wọ́n ti pàdé nìyí. Alhaji nílò ẹni tó lè gbé fáìlì tí kò ní tú fún un, tó sì lè ka ìwé àyẹ̀wò kí wọ́n tó ṣe pléètì, nítorí pé bí pléètì bá ti jáde, owó ti lọ. Muálímà nílò atẹ̀wé tó máa jẹ́ kí òun rí bébà tí wọ́n ti ká kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí ọ̀kan kò ní ni ẹnìkejì ní. Bí a kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ wa ní gbólóhùn méjì báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò tíì yẹ kí a kọ ímeèlì náà.

Ímeèlì tí a kọ lẹ́ẹ̀kejì

Ohun tí a kọ nìyí. Orúkọ wọn nìkan ni a yọ.

Subject: Ìwé Lárúbáwá: atẹ̀wé Fọlá Àgòrò àti olùtò ojú-ewé

“Assalaamu alaykum. Alhaji, ẹ kú iṣẹ́ o. Muálímà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ.

A ti bá ẹnì kọ̀ọ̀kan yín sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ sì gbà kí a mú yín mọ ara yín.

Alhaji, Muálímà ló to ojú-ewé ìwé mẹ́ta tí à ń lò ní ilé-kéwú wa. A ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, lẹ́tà kò tú, àmì kò ṣí nípò. Ẹ sọ fún wa pé ẹ máa ń dá iṣẹ́ Lárúbáwá padà nítorí pé lẹ́tà ń tú. Muálímà lè fún yín ní fáìlì PDF tí lẹ́tà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì lè bá yín ka ìwé àyẹ̀wò kí ẹ tó ṣe pléètì.

Muálímà, Alhaji ti tẹ ìwé ìròyìn jámáà wa lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà méjèèjì, ó fi ìwé àyẹ̀wò hàn wá kó tó tẹ̀ ẹ́, ó sì parí iṣẹ́ lọ́jọ́ tó dá. Ẹ sọ fún wa pé wọ́n ń di ìwé yín sí apá òsì. Alhaji gbà láti ká bébà kí ẹ wò ó kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀.

A kò tíì rí ìwé Lárúbáwá tí Alhaji tẹ̀. A kò sì mọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ń gbà. Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó jọ sọ ìyẹn. A kò gba kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

A dábàá kí ẹ kọ́kọ́ fi ojú-ewé mẹ́rin dán an wò. Muálímà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú-ewé mẹ́rin ránṣẹ́ sí Alhaji kó tó di Ọjọ́bọ̀. Alhaji, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún un bóyá ó ṣí dáadáa lọ́dọ̀ yín. Bí ó bá ṣí, ẹ lè fi wákàtí kan pàdé ní ilé-ìtẹ̀wé, ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀.

Ẹ lè yọ wá kúrò nínú èsì yín. Ọlọ́hun yóò fi àlùbáríkà sí i.”

Ìdí tí a fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀

Ẹ ó rí i pé Alhaji ni a kọ́kọ́ kí. Òun ni àgbà, kò sì yẹ kí a fa àgbà lọ sọ́dọ̀ ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ ìkíni. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan iṣẹ́, Muálímà ni a ní kó kọ́kọ́ gbé ìgbésẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni fáìlì wà. Ímeèlì àkọ́kọ́ kò sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Láàárín àwa Yorùbá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń há: ọmọdé ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, àgbà ń dúró de ọmọdé. Ẹ dárúkọ ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ohun tó máa ṣe, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tó máa ṣe é.

Ẹ ó tún rí i pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ tirẹ̀, àti pé ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ nínú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ẹni tí a ń ṣàlàyé. Alhaji ni a ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń sọ iṣẹ́ Muálímà. Ó ń ka nípa obìnrin tí kò mọ̀ rí, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀ sì ni ìṣòro tirẹ̀. Èyí ló jẹ́ kó yé e pé kì í ṣe ẹni tó ń wá iṣẹ́.

Nínú ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí, ohun tí ojú wa rí nìkan ni a sọ: ìwé mẹ́ta tí a kà, ìwé ìròyìn tí a gbà lẹ́ẹ̀mejì. A kò kọ “akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni” tàbí “kò sí irú rẹ̀ ní Èkó.” Ẹni tó bá so ẹni méjì pọ̀ ń fi orúkọ ara rẹ̀ dúró láàárín wọn, àmọ́nà ni. Nítorí náà ni a ṣe sọ ohun tí a kò mọ̀ pẹ̀lú. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ ní apá ibi tí a ti sọ pé a kò mọ̀, kò sí ẹni tó lè sọ pé a tan òun jẹ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ kọmíṣọ̀n. Níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé bá pọ̀ sí, àwọn kan máa ń gba owó lórí oníbàárà tí wọ́n bá mú wá. Bí a bá máa gba owó, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì mọ̀. Bí a kò bá ní gbà, ó dára kí a sọ ọ́, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Ìdánwò ojú-ewé mẹ́rin kò ju nǹkan kékeré lọ. Ìkòròdú sí Ṣómólú jìnnà fún ẹni tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ bá ká mọ́ ọ̀nà. Kò yẹ kí a ní kí ẹnikẹ́ni wá rìnrìn àjò bẹ́ẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá fáìlì rẹ̀ á ṣí. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kò náni lówó, tí ẹni tí kò bá fẹ́ tẹ̀síwájú sì lè fi sílẹ̀ láìjẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Àpótí To, Cc àti Bcc

Àwọn méjèèjì ni a kọ sí To. A kò fi ọ̀kan sí Cc, nítorí pé ẹni tó bá wà ní Cc sábà máa ń rò pé wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ náà tó òun létí ni, pé kò sí iṣẹ́ kankan fún òun níbẹ̀. A kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀kankan nínú wọn sí Bcc. Ẹni tó bá wà ní Bcc kì í hàn sí ẹnìkejì, nítorí náà ẹnìkejì kò ní rí ibi tó máa kọ èsì sí.

Ìgbà tí Bcc wúlò ni ìgbà èsì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fèsì yóò tẹ Reply all, yóò yọ ẹni tó so wọ́n pọ̀ kúrò ní To, yóò sì fi í sí Bcc. Báyìí, ẹni náà á rí èsì àkọ́kọ́ yẹn, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èsì tó bá tẹ̀ lé e kò ní máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Lórí fóònù, Cc àti Bcc sábà máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ To nínú Gmail. Ẹ tẹ ọfà náà, wọn á jáde.

Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ènìyàn á tẹ Reply dípò Reply all. Èsì á wá sọ́dọ̀ ẹni tó so wọ́n pọ̀ nìkan, ẹnìkejì á sì máa rò pé wọ́n gbójú fo òun. Ohun tí Alhaji ṣe gan-an nìyẹn. A rí “Alhamdulillaahi, mò ń retí rẹ̀” nínú àpótí wa, a sì mọ̀ pé Muálímà kò rí i. A fi èsì náà ránṣẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá so ẹni méjì pọ̀, ẹ máa wo ẹni tí èsì wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ ohunkóhun, ẹ rán ẹni tí ìgbésẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ létí ní ìkọ̀kọ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe é níṣojú ẹnìkejì.

Ohun tó ti ìdánwò náà jáde

Ojú-ewé mẹ́rin náà dé ọ̀dọ̀ Alhaji ní ọjọ́ Ọjọ́rú. Lórí fóònù rẹ̀, ó ṣí dáadáa. Lórí kọ̀ǹpútà ilé-ìtẹ̀wé, ọmọ iṣẹ́ kan fi CorelDRAW ṣí i, àwọn lẹ́tà sì tú. Alhaji fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé a ti sọ nínú ímeèlì pé kó sọ fún Muálímà bóyá ó ṣí, ó sọ fún un. Muálímà ní kí ọmọ iṣẹ́ náà tún un ṣe, kí ó yan Curves dípò Text nígbà tí CorelDRAW bá béèrè bí ó ṣe fẹ́ kó ọ̀rọ̀ wọlé. Curves máa ń sọ lẹ́tà di àwòrán, kò sì ní lè tú mọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé wọn kò ní lè tún ọ̀rọ̀ kankan kọ níbẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà, Muálímà ni yóò tún un ṣe láti ilé, yóò sì fi fáìlì mìíràn ránṣẹ́.

Wọ́n pàdé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Muálímà, ọkọ rẹ̀ àti Alhaji. Wọ́n ká bébà kan sí méjì, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí ojú-ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibẹ̀ ni Alhaji ti rí i pé ní ojú òde bébà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ojú-ewé kìíní ìwé Lárúbáwá wà ní apá òsì, tí ìkẹyìn sì wà ní apá ọ̀tún, ìyẹn òdìkejì ohun tó ti ń ṣe láti ọdún yìí wá. Ìwé àwọn ọmọ náà jẹ́ ojú-ewé 32, ó sì ṣeé pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, nítorí náà wọ́n lè fi sítépù dì í láìṣẹ́ ojú-ewé kankan kù.

Ìwé náà jáde kí sáà ẹ̀kọ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ṣe wolimọ́ tẹ́lẹ̀ kò rí i gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ wọn, èyí sì ń dùn wá títí dòní, nítorí pé ímeèlì gbólóhùn mẹ́rin tí a kọ ní ìkánjú ló fà á. Àwọn àbúrò wọn ló ń lò ó báyìí. Alhaji kì í dá iṣẹ́ Lárúbáwá padà mọ́. Bí alfa kan bá gbé Word wá, nǹkan àkọ́kọ́ tó ń ṣe ni pé ó ń kọ ímeèlì sí alfa náà àti Muálímà. A ti rí ọ̀kan nínú wọn. Ìdí tó fi yẹ kí alfa bá Muálímà sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ìdí tó fi yẹ kí Muálímà gba iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, Alhaji sì ti kọ ọ́ ní ìparí pé alfa ni kó kọ́kọ́ fi fáìlì ránṣẹ́.